"Ṣebí A Ti Sọ Fún Yín": Èsì Onílé-Ìtura Kan Ní Ẹ̀pẹ́

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, àǹtí kan tí ó ní ilé-ìtura kékeré ní Ẹ̀pẹ́ na fóònù rẹ̀ sí mi. Yàrá mẹ́rìnlá péré ni ilé náà ní. Àwọn tí wọ́n wá ra ẹja ní ọjà Olúwo, àwọn òbí tí wọ́n sin ọmọ wọn wá sí ẹ̀ka Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà ní ìlú náà, àti àwọn tí wọ́n wá ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn àlejò rẹ̀. Bí ọdún Káyókáyó bá dé lẹ́yìn Iléyá, yàrá kan kì í ṣófo níbẹ̀.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "ìwọ tí o kàwé Yorùbá, bá mi wo ohun tí mo kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí. Ọmọ mi obìnrin ní kí n pa á rẹ́, ó ní mo wọ́ ara mi nílẹ̀. Èmi ò kúkú rí ohun tó burú níbẹ̀."

Mo gba fóònù náà. Orí Google ni àlejò náà kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, ó sì fún ilé-ìtura náà ní ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Yorùbá ni ó fi kọ ọ́: "Yàrá mọ́, oúnjẹ wọn sì dára. Ṣùgbọ́n aago méjìlá òru ni wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, ooru sì mú wa títí ilẹ̀ fi mọ́. A kan ilẹ̀kùn, a pè títí, a kò rí ẹnikẹ́ni dá wa lóhùn."

Èyí ni èsì tí àǹtí kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ṣebí a ti sọ fún yín pé aago méjìlá la máa ń pa jẹ́ẹ̀nì? Ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta dísẹ́ẹ̀lì ni? Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó Ẹ̀pẹ́ tí ẹ fẹ́ sùn bí ará Ìkòyí. Ẹ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá nígbà míì jàre."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo rẹ́rìn-ín. Bí àǹtí bá sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu, ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín lójú àti ọwọ́ tí ó fi ń gbá àlejò léjìká, ó ṣeé ṣe kí àlejò náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, kí ó sì gba ìgò omi tútù kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú fóònù kò ní ẹ̀rín, kò sì ní ọwọ́. Ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ṣẹ́ kù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì le.

Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún àǹtí ni pé kì í ṣe ọkùnrin náà ni ó ń fèsì fún. Ọkùnrin náà ti sùn, ó ti lọ. Lóòótọ́, Google yóò jẹ́ kí ó mọ̀ pé a ti fèsì, ṣùgbọ́n ẹni tí èsì náà kàn jù ni obìnrin kan tí ó jókòó ní Ìbàdàn tàbí ní Àjàh ní aago mọ́kànlá alẹ́, tí ó ń wá ibi tí òun àti ọmọ òun yóò sùn sí ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà. Lẹ́yìn náà ó sún ojú wálẹ̀, ó ka ti àǹtí. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ kò ju ọ̀kan lọ: bí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ níbí, báwo ni wọn yóò ṣe ṣe sí mi? Èsì àǹtí ti dá a lóhùn: wọn yóò bú ọ.

Mo wá fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú èsì náà. Èkíní ni "ṣebí". Ẹni tí ó bá lo "ṣebí" báyìí ń sọ pé ẹni tí òun ń bá wí mọ òtítọ́ tẹ́lẹ̀, ó kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni. Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, "ṣebí" ti sọ àlejò di òpùrọ́. Èkejì ni "ẹ̀yin tí". Ọ̀rọ̀ yìí kò sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ẹnìkan ṣe, irú ẹni tí ó jẹ́ ni ó ń sọ, nítorí náà gbogbo ẹni tí ó bá ń wá yàrá olówó kékeré ni ó bá wí. Àwọn gan-an sì ni oníbàárà àǹtí. Ẹ̀kẹta ni "jàre". Lẹ́nu, "jàre" lè jẹ́ àwàdà. Lórí ìwé, ìlẹ̀kùn tí a tì mọ́ ènìyàn lójú ni.

Àǹtí ní, "Ó dáa. Bá mi tún un kọ, kí ó jọ ti àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá." Mo ní kí a má tíì kọ ohunkóhun. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ ẹ̀bi rẹ̀ kò lè bẹ̀bẹ̀ fún un.

A pe ọmọkùnrin tí ó ń gba àlejò. Mo bi í pé, ǹjẹ́ wọ́n sọ fún ọkùnrin náà pé aago méjìlá ni iná yóò lọ? Ó ní, "Ó wà lára ilẹ̀kùn, nínú yàrá." Ìgbà wo ni àlejò máa ń wọ yàrá? Lẹ́yìn tí ó bá ti sanwó. Èyí túmọ̀ sí pé "ṣebí a ti sọ fún yín" kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ilẹ̀kùn ni, wọn kò sọ fún un. Mo tún béèrè ìdí tí kò fi sí ẹni tí ó dá wọn lóhùn. Ọmọkùnrin náà wo ilẹ̀. Aago mọ́kànlá ni ó ti sùn, ọlọ́dẹ sì wà ní ẹnu géètì lọ́nà jíjìn.

Nítorí náà nǹkan mẹ́ta ni ó wà nínú ẹ̀sùn náà, wọn kò sì dọ́gba. Pípa jẹnẹrétọ̀ ní aago méjìlá jẹ́ ìlànà ilé. Àǹtí ní ẹ̀tọ́ sí i, kò sì yẹ kí ó bẹ̀bẹ̀ fún un. Àìsọ fún àlejò kí ó tó sanwó jẹ́ àṣìṣe. Àìsí ẹni tí yóò dáhùn ní òru jẹ́ àṣìṣe kejì, ó sì burú ju èkíní lọ, nítorí bí ó bá jẹ́ àìsàn ni ó dé bá àlejò ńkọ́?

Èdè wa mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. "Ẹ pẹ̀lẹ́" ni a ń wí fún ẹni tí ìyà jẹ, yálà àwa ni a fi jẹ ẹ́ tàbí a kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà, "ẹ pẹ̀lẹ́" ni a ń sọ fún un. "Ẹ má bínú" ti gbà pé ọwọ́ wa wà nínú ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ forí jì wá" jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀bi ńlá ni ó ń gbé e wá. Bí oníṣòwò bá sọ "ẹ forí jì wá" nítorí ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ tí ó dí, ẹ̀tàn ni yóò jọ. Bí ó bá sì sọ "ẹ pẹ̀lẹ́" nígbà tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ sùn sẹ́nu iṣẹ́, yóò dà bí ẹni pé ó dúró lókèèrè, ó ń káàánú ènìyàn fún ìyà tí òun fúnra rẹ̀ fi jẹ ẹ́. Èyí tí ó burú jù ni "bí ohun kan bá dùn yín, ẹ má bínú". "Bí" yẹn ti ba ẹ̀bẹ̀ náà jẹ́. Ọkùnrin náà ti sọ ohun tí ó dùn ún, kò sí "bí" níbẹ̀ mọ́.

Ibi tí èmi àti àǹtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà ni ibi àtúnṣe. Ó ní kí n kọ ọ́ pé wọ́n ti ra ínfátà, pé iná kì í lọ mọ́. Mo béèrè pé, ṣé wọ́n ti rà á? Ó ní, "A máa rà á. Kí ọdún tó parí." Mo kọ̀. Ìdí tí mo fi kọ̀ kò ju pé obìnrin Ìbàdàn yẹn yóò kà á, yóò gbé ọmọ rẹ̀ wá, iná yóò sì lọ ní aago méjìlá. Nígbà náà, ohun tí ó jẹ́ àìtó tẹ́lẹ̀ yóò di irọ́, yóò sì wà ní àkọsílẹ̀, lábẹ́ orúkọ ilé àǹtí. Ohun tí a bá ti ṣe nìkan ni ó yẹ kí ó wọ inú èsì. Àǹtí dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pe ọmọkùnrin náà, ó ní láti alẹ́ ọjọ́ yẹn lọ, fóònù ilé-ìtura kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lóru, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà náà sínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Ó tún ní kí wọ́n fi aago méjìlá náà kún ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ẹni tí ó bá béèrè yàrá. Ìgbà yẹn ni a wá ní ohun tí a lè kọ.

Ohun tí a kọ rèé:

"Ẹ ṣé tí ẹ dé sọ́dọ̀ wa, ẹ sì ṣé tí ẹ sọ bí oorun yín ṣe rí. Aago méjìlá òru ni a máa ń pa jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ti sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó sanwó, a kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún yẹ kí ẹ rí ẹni dá yín lóhùn nígbà tí ẹ pè. Ẹ má bínú sí àṣìṣe méjèèjì. Ní báyìí, a máa ń sọ àkókò tí iná ń lọ fún àlejò kí ó tó gba yàrá, nọ́ńbà tí a ń gbé ní òru sì ti wà nínú gbogbo yàrá. Inú wa dùn pé oúnjẹ wa tẹ́ yín lọ́rùn. Olùdarí."

Ẹ wò ó dáadáa. Gbólóhùn mẹ́fà péré ni, yàtọ̀ sí orúkọ ipò tí ó parí rẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ tí àlejò fúnra rẹ̀ lò, jẹnẹrétọ̀ àti ìpè, dá a lóhùn, kí ó lè mọ̀ pé a ka ohun tí òun kọ. Kò sọ nǹkan kan nípa owó dísẹ́ẹ̀lì. Òtítọ́ ni pé dísẹ́ẹ̀lì wọ́n, ṣùgbọ́n ẹrù àǹtí ni ìyẹn, kì í ṣe ẹrù àlejò. Kò sì fi pípa iná pamọ́. Ẹni tí kò bá lè sùn láìsí ẹ̀rọ amúlétutù yóò kà á, yóò sì wá ibòmíràn lọ. Àdánù kékeré ni ìyẹn fún àǹtí, nítorí irú àlejò bẹ́ẹ̀ ni yóò tún kọ ìràwọ̀ méjì mìíràn.

Ìdí wà tí mo fi gbà pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe àṣedànù. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí méjì, Davide Proserpio àti Georgios Zervas, tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Marketing Science. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ni wọ́n yẹ̀ wò lórí Tripadvisor. Wọ́n rí i pé nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì bá bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì, ìràwọ̀ rẹ̀ a máa gòkè díẹ̀, bí ìdá 0.12, iye ọ̀rọ̀ tí àlejò ń kọ a sì máa fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ìdá 0.12 kò tó nǹkan lójú. Ohun tí ó wú mi lórí ni pé ọ̀rọ̀ àríwísí dín kù, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣẹ́ kù gùn sí i. Àlàyé wọn ni pé ẹni tí ó mọ̀ pé onílé yóò ka ọ̀rọ̀ òun, tí yóò sì fèsì, kì í fẹ́ kọ ẹ̀sùn gbólóhùn kan tí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí ó bá fẹ́ fẹjọ́ sùn, yóò rò ó dáadáa. Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe Texas, n kò sì lè búra pé bákan náà ni yóò rí níbí, ṣùgbọ́n ìwà ènìyàn tí ó wà nídìí rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Bí baálé ilé bá wà nílé, ahọ́n àlejò a máa mọ ìwọ̀n.

Èsì kejì tí àǹtí fi hàn mí kò mú mi rẹ́rìn-ín rárá. Àlejò kan ti fún un ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, bí ó ṣe rí ní Yorùbá rèé: "Olè ni wọ́n. Wọ́n gba 5,000 náírà ìdúró lọ́wọ́ mi, wọn kò dá a padà. Ẹ má lọ síbẹ̀." Àǹtí ti dá a lóhùn pé: "Irọ́ lẹ̀ ń pa. Ta ló fi áyọ́ọ̀nù jó bẹ́díṣíìtì yàrá 7? Àbí kí n sọ ẹni tí ẹ gbé wá fún gbogbo ayé gbọ́?"

Ọjọ́ méjì ni èsì yìí ti wà níbẹ̀. Mo ní kí ó pa á rẹ́ lójú mi, kí a tó sọ ohunkóhun mìíràn. Lórí Google, onílé lè tún èsì rẹ̀ kọ tàbí kí ó pa á rẹ́ nígbàkúùgbà. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. Ẹni tí ó bá ti ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù ti ní i lọ́wọ́.

Àǹtí ní òun kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ní orúkọ ọkùnrin náà wà lókè ọ̀rọ̀ tí ó kọ, àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ lè rí i. Ó sì lè jẹ́ àbúrò rẹ̀ ni ó gbé wá, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ilé ènìyàn lè tú nítorí 5,000 náírà. Yàtọ̀ sí èyí, òfin wà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni ti di òfin ní Nàìjíríà, àjọ kan sì wà tí ó ń mójú tó o. Ohun tí onílé-ìtura mọ̀ nípa àlejò nítorí pé ó gbà á sílé, yàrá tí ó sùn, ọjọ́ tí ó dé, ẹni tí ó bá a wá, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kì í ṣe ohun ìjà tí a lè fà yọ nígbà ìjà. Àlejò mìíràn tí ó bá sì ka èsì yẹn kò ní bi ara rẹ̀ bóyá bẹ́díṣíìtì jóná. Yóò bi ara rẹ̀ pé, kí ni obìnrin yìí mọ̀ nípa tèmi?

Lẹ́yìn èyí ni mo béèrè ìbéèrè tí ó yí alẹ́ náà padà. Èló ni bẹ́díṣíìtì náà? Àǹtí ní 3,500 náírà ni òun fi ra òmíràn. Ǹjẹ́ wọ́n fún ọkùnrin náà ní ìwé kankan tí ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n yọ? Rárá. Ǹjẹ́ wọ́n dá 1,500 tí ó kù padà fún un? Àǹtí kò fèsì. Ó mú fóònù, ó tún gbé e sílẹ̀. "Mo bínú ni," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Aṣọ yẹn ṣì tuntun." Ọkùnrin náà kò sọ òtítọ́ tán, nítorí ó fi aṣọ tí ó jó pamọ́. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ àǹtí lóòótọ́. Kò sí bí mo ṣe lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Àǹtí fi 1,500 náírà ránṣẹ́ padà sí àkáǹtì tí ọkùnrin náà fi sanwó, ó sì fi àwòrán rìsíìtì aṣọ náà ránṣẹ́ sí i ní ìkọ̀kọ̀. Ohun tí a kọ sí gbangba kò mẹ́nu kan èyíkéyìí nínú rẹ̀:

"Ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé. Gbogbo àlejò wa ni ó ń fi 5,000 náírà dúró nígbà tí ó bá wọlé. A máa ń dá a padà nígbà tí ó bá ń lọ, àfi bí ohun kan nínú yàrá bá bàjẹ́. Iye ohun tí ó bàjẹ́ nìkan ni a sì gbọ́dọ̀ yọ, pẹ̀lú ìwé tí ó ṣàlàyé rẹ̀. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún àlejò kan, ẹ̀bi wa ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí yín, tàbí kí ẹ pè wá kí a jọ yẹ àkọsílẹ̀ wò. Olùdarí."

Kò sí "irọ́" níbẹ̀, kò sì sí bẹ́díṣíìtì. Òǹkàwé tí ó gbọ́n yóò rí i fúnra rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan ti bàjẹ́. Àǹtí fẹ́ kí a sọ fún Google kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà kúrò pátápátá. Mo sọ fún un pé Google kì í yọ ọ̀rọ̀ àlejò nítorí pé onílé ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í ṣe adájọ́ láàárín oníṣòwò àti oníbàárà. Ohun tí ó bá rú òfin wọn, bí èébú rírùn tàbí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí, ni a lè fẹ̀sùn rẹ̀ kàn. Ìràwọ̀ kan yẹn yóò wà níbẹ̀. Èsì tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó wà ní ìkáwọ́ wa.

Ẹ̀kẹta ni ó kọ́ èmi náà lẹ́kọ̀ọ́. Ìyá kan tí ó mú ọmọ rẹ̀ wá sí ilé-ìwé ti fún wọn ní ìràwọ̀ márùn-ún, ó sì yin ọbẹ̀ ẹja wọn. Àǹtí fèsì pé: "Ẹ ṣé gan-an o, màmá. Ọlọ́run á wo ọmọ wa parí ẹ̀kọ́. Ọbẹ̀ ẹja ń dúró dè yín o! Ẹ bá wa sọ fún àwọn elétanú yẹn." Mo ti gba kálámù, mo sì ti kọ ọ́ báyìí: "Ó jẹ́ ìdùnnú ńlá fún ilé-iṣẹ́ wa láti gba ọ̀rọ̀ ìwúrí yín, a sì ń retí láti tún sìn yín ní ọjọ́ iwájú."

Àǹtí kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí ní Ẹ̀pẹ́? Èyí dà bíi lẹ́tà láti ọ́fíìsì ìjọba."

Ó tọ̀nà. Mo ti rò pé kí ọ̀rọ̀ gún régé túmọ̀ sí kí ó gan. Ohùn àǹtí kò fìgbà kan jẹ́ àìsàn tí mo fẹ́ wò. Àdúrà fún ọmọ ẹni àti ọbẹ̀ tí ń dúró deni wà lára ohun tí ó ń mú ènìyàn padà sí ilé kékeré, òtẹ́ẹ̀lì ńlá kò sì lè ṣe irú rẹ̀. Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn nìkan ni a yọ, nítorí ó gbé ìjà ẹlòmíràn wá síwájú ẹni tí ó wá yìn wá. Ìyókù dúró bí àǹtí ṣe kọ ọ́.

Láti ìgbà náà, ìlànà kan ni àǹtí ń tẹ̀ lé. Bí ọ̀rọ̀ tí ó dùn ún bá wọlé, ó máa ń kọ èsì ìbínú rẹ̀ sínú ìwé ìṣirò owó rẹ̀, pẹ̀lú "ṣebí" àti "jàre" tí ó bá wù ú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí ó bá ti bi àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó máa ń fa ìlà sí ohun tí ó jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀ lábẹ́, ó sì máa ń fèsì sí ìyẹn nìkan. Mo ti wo ìwé náà. Àwọn ojú ewé kan níbẹ̀ gbóná ju ata lọ.

Ọkùnrin jẹnẹrétọ̀ kò yí ìràwọ̀ méjì rẹ̀ padà, ẹni 5,000 náírà kò sì kọ ohunkóhun mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, obìnrin kan pe fóònù ilé-ìtura náà. Kò béèrè iye yàrá. Ó ní òun ti ka ohun tí wọ́n kọ lórí Google. "Ṣé aago méjìlá ni ẹ ṣì ń pa iná?" Ọmọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní kò burú. Ó dé ní ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ àti fáànù kékeré kan tí ń lo bátìrì, ó sì sùn ní ọjọ́ méjì.